Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ọ́fíìsì Ìjọba

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Òwe tó dára ni nínú ẹbí, láàárín ọ̀rẹ́, àti níwájú ọba. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí òwe yìí ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ ní Ouagadougou. Ẹni tó bá fẹ́ rí òṣìṣẹ́ àjọ tí ìjọba fi ṣe alábòójútó òwò kan, tó sì kọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ sínú ìwé tó fi béèrè ìpàdé, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ọ́fíìsì kò ní inú tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń di odindi.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa tó ń ṣòwò níbí yóò bá mi jà lórí èyí. Wọ́n á ní ẹni téèyàn mọ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn, pé bébà kò ṣí ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Ọkùnrin kan nínú àwọn tiwa ní ṣọ́ọ̀bù ní ìtòsí ọjà Rood-Woko. Ó ra ogójì wọ́kì-tọ́kì láti ilẹ̀ Ṣáínà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ọlọ́dẹ fún àwọn onílé. Ẹrù náà gúnlẹ̀ sí Lomé, ó gba bodè Cinkansé wọlé, ó sì dé Ouagadougou láìsí wàhálà. Ibẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè ti dá a dúró. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n ìgbì rédíò ni, kò lè jáde láìsí ìwé ìfọwọ́sí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Ní Burkina Faso, òfin 061-2008 tí wọ́n ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ló wà nídìí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, íńtánẹ́ẹ̀tì àti ìgbì rédíò, kò sì sí ìjọba tó máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọ́kì-tọ́kì ní ilẹ̀ tí ogun ti wà.

Ọkùnrin yìí lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń bá èèyàn kọ̀wé ní èdè Faransé. Ìwé tó gbà kún ojú ewé kan gbáko. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: òun ní ọlá láti wá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó jinlẹ̀, sí iwájú inú rere gíga ọ̀gá àgbà, láti tọrọ ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ kan tó kan òwò òun. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bẹ̀, ọpẹ́ ṣáájú, àti àdúrà fún ìlọsíwájú àjọ náà. Lókè, níbi tí wọ́n ti ń kọ kókó ìwé, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀: “Ìbéèrè ìpàdé.” Kò sí ọ̀rọ̀ wọ́kì-tọ́kì níbì kankan nínú ìwé náà. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè. Kò sí ìwé kan tí wọ́n so mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Owó ibi ìkẹ́rùsí ń gun orí ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà náà ló tó wá bá mi.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “wọn ò kà mí sí. Torí pé àlejò ni mí ni.”

Mo ní kó mú ẹ̀dà ìwé tó fi sílẹ̀ wá, èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Kò ní. Mo bi í pé nọ́ńbà wo ni wọ́n fún ìwé náà. Kò mọ̀ pé ìwé ń gba nọ́ńbà. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ òun, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òun.

Kì í ṣe pé wọn ò kà á sí. Wọn ò mọ ohun tó ń fẹ́ ni. Kí èyí lè yé wa, ó yẹ ká mọ ọ̀nà tí ìwé ń gbà rìn nínú irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ tó jogún ètò ìjọba Faransé, èèyàn kì í kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ rí. Ọ̀gá àgbà àjọ la ń kọ ọ́ sí, kódà bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ẹ̀rọ-mọ̀ kan ní àjà kẹta ló máa dá wa lóhùn. Ìwé náà á kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, pẹ̀lú ọjọ́, nọ́ńbà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti kókó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ti akọ̀wé ọ̀gá, tó máa kó o pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn sínú fáìlì kan. Ọ̀gá á ṣí fáìlì náà, á wo ìlà kókó, á sì fi bírò kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí ẹ̀ka báyìí bójú tó o. Ibi tó bá kọ ni ìwé ń lọ.

Ìlà kókó yẹn ni gbogbo ìrìnàjò náà rọ̀ mọ́. Bí ó bá kà pé “Ìbéèrè ìpàdé” nìkan, ọ̀gá kò mọ ẹ̀ka tó yẹ kó gbé e fún. Ohun tó kù fún un ni pé kó rò pé òun gan-an lẹni náà fẹ́ rí, kó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí àyè á fi yọ. Àyè ọ̀gá àgbà kì í yọ. Gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà nínú ara ìwé náà, kò sí ẹni tó ka ibẹ̀ dé.

A tún ìwé náà kọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé ká mọ ìbéèrè wo gan-an la ní. Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ kí wọ́n fi ẹrù òun sílẹ̀. Mo ní àjọ náà kò di ẹrù kankan mú, aṣọ́bodè ló dì í mú. Ó ní ó dáa, òun fẹ́ ìwé àṣẹ fún àwọn wọ́kì-tọ́kì náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, torí pé àṣẹ méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Èkíní jẹ́ ti irú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: ṣé ẹ̀rọ yìí, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe ṣe é, bá ìlànà mu, ṣé kì í fọ́n ìgbì síbi tí kò yẹ, ṣé agbára rẹ̀ kò kọjá èyí tó sọ? Ẹni tó kó ẹrù wọlé ló máa ń béèrè èyí. Èkejì jẹ́ ti ìgbì tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ lé lórí: ta ni yóò lò ó, ní ìlú wo, lórí mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì mélòó? Ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ náà ló ni ìbéèrè yẹn, nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ilé iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni. Bí ontajà bá lọ béèrè méjèèjì pa pọ̀, wọ́n á bi í ní ìbéèrè lórí àwọn ọlọ́dẹ tí kò mọ̀, ìpàdé á sì parí láìsí èso.

Nítorí náà ìbéèrè tiwa di ọ̀kan ṣoṣo. Èsì àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fún wa, ṣé ó tó fún ìfọwọ́sí irú ẹ̀rọ yìí, àbí àyẹ̀wò mìíràn kù? Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀rọ lè dáhùn ìyẹn lórí àga rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdánwò tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wo ìwé ìbéèrè ìpàdé rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ rí kò bá ní agbára láti dáhùn ohun tí ẹ bi í, ẹni tí kò yẹ lẹ fẹ́ rí, tàbí ìbéèrè yín ni kò tíì gún.

Ìwé kejì náà kò ju ìdajì ojú ewé lọ. Èdè Faransé la fi kọ ọ́, torí pé bí Burkina Faso tilẹ̀ ti yí òfin ilẹ̀ rẹ̀ padà ní ìparí ọdún 2023, tí èdè ìbílẹ̀ sì gba ipò èdè ìjọba, Faransé ṣì jẹ́ èdè iṣẹ́, òun sì ni àwọn ọ́fíìsì ṣì ń kà. Ní èdè wa, báyìí ló lọ:

“Kókó: Ìbéèrè ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀ka ẹ̀rọ, lórí ìfọwọ́sí irú wọ́kì-tọ́kì kan, ogójì ẹyọ, tó wà lọ́wọ́ aṣọ́bodè ní Ouagadougou.

Ọ̀gá Àgbà, mo ń béèrè ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìfọwọ́sí ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá èsì àyẹ̀wò tí mo ní tó, tàbí mo gbọ́dọ̀ mú òmíràn wá. Èmi àti ẹnì kan tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi la máa wá. Àwọn ìwé tí mo máa mú wá nìyí.”

Lẹ́yìn náà ni àtòjọ, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ìkíní, ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, èyí tí wọ́n ń pè ní RCCM, àti nọ́ńbà owó orí, IFU. Ìkejì, ìwé ọjà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, tó sọ iye ẹyọ àti orúkọ irú ẹ̀rọ náà. Ìkẹta, ìwé tí aṣọ́bodè fún un nígbà tí wọ́n dá ẹrù dúró. Ìkẹrin, ìwé àlàyé ẹ̀rọ: ìgbì rẹ̀ láti 400 dé 470 mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì, agbára rẹ̀ wáàtì 5. Ìkarùn-ún, èsì àyẹ̀wò láti ilé àyẹ̀wò tó ní ìjẹ́rìí ISO/IEC 17025. Ìkẹfà, fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, níbi tí àkọlé rẹ̀ wà. Ìwé méjì tó ṣe kókó jù, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, a so ẹ̀dà wọn mọ́ ìwé ìbéèrè, ká lè rí i pé òṣìṣẹ́ náà ti kà wọ́n kó tó rí wa. Ojúlówó gbogbo wọn wà nínú báàgì ọkùnrin náà. Òun á fi hàn, ṣùgbọ́n kò ní fi sílẹ̀.

Ẹ̀dà méjì ìwé náà la gbé lọ. Ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì lu òǹtẹ̀, ọjọ́ àti nọ́ńbà sí èkejì, wọ́n dá a padà fún wa. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n pè é lórí fóònù.

Òṣìṣẹ́ tó gbà wá ti fa ìlà sábẹ́ nǹkan kan nínú èsì àyẹ̀wò náà ká tó jókòó. Ó fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí orúkọ ẹ̀rọ. Nínú èsì, orúkọ náà parí sí nọ́ńbà. Nínú fọ́tò àkọlé, lẹ́tà kan tẹ̀ lé nọ́ńbà náà.

“Ṣé ẹ̀rọ kan náà ni?” ó béèrè.

Ọkùnrin tiwa ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó tà á fún òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Mo gbà yín gbọ́,” òṣìṣẹ́ náà dáhùn, “ṣùgbọ́n n kò lè fi ìgbàgbọ́ sínú fáìlì. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ̀wé pé inú ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n sọ ohun tí lẹ́tà yẹn dúró fún.”

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí irú ẹrù yìí nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà máa ń ṣe ẹ̀rọ kan, wọ́n á sì tà á lábẹ́ orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Orúkọ kan ló wà lórí èsì àyẹ̀wò, òmíràn wà lórí páálí. Ohun mìíràn tó tún máa ń ṣẹlẹ̀ ni kí ontajà mú ìwé ẹ̀rí ìjọba Amẹ́ríkà wá, kó rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Nínú ètò ìgbì rédíò àgbáyé, Áfíríkà àti Yúróòpù wà ní agbègbè kìíní, Amẹ́ríkà wà ní èkejì. Wọ́kì-tọ́kì kékeré tí ará Amẹ́ríkà ń lò láìgba àṣẹ lórí 462 mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì lè jókòó gan-an lórí ìgbì tí ìjọba ilẹ̀ mìíràn ti fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi máa ń fẹ́ èsì àyẹ̀wò tí wọ́n fi ìlànà Yúróòpù ṣe.

Ìpàdé náà kò gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kejì, a kọ ìwé kúkúrú mìíràn, a sì gba òǹtẹ̀ sí i: ní ọjọ́ báyìí a pàdé, a gbọ́ pé ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìwé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ, a ó sì mú un wá, bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún wa. Ọ̀pọ̀ ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Láìsí i, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú yàrá náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹrù náà jáde nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n owó ìkẹ́rùsí ti jẹ èrè rẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, àwa fúnra wa la jù ú nù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹni téèyàn mọ̀ ló ṣe pàtàkì. Mo bi wọ́n pé: kí ni ẹni tí ẹ mọ̀ lè fún yín? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. “Kò sí wàhálà, ẹ lọ fọkàn balẹ̀.” Ṣé ẹ lè gbé “kò sí wàhálà” fún aṣọ́bodè? Àti pé òṣìṣẹ́ ìjọba kì í pẹ́ lórí àga kan. Wọ́n lè gbé e lọ sí Bobo-Dioulasso lọ́la, ẹni tó bá gba àga rẹ̀ kò sì jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ kankan. Ìwé tó ní nọ́ńbà, kì í bá a lọ. Ó wà nínú fáìlì, ẹni tuntun á kà á. Èyí tó burú jù ni pé bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn kò ní ohun kan láti fi gbèjà ara rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ àlejò ní ìlú.

Àwọn mìíràn ní ìwé kúkúrú bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀wọ̀. N kò gbà. Ẹ kí ọ̀gá ní ìlà kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúpẹ́ ní ìlà kan ní òpin, ó tó. Ẹni tó wá sílé àgbà, tó dọ̀bálẹ̀, tó sì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú láìsọ ohun tó gbé e wá, ìdààmú ló fún àgbà náà. Kí òṣìṣẹ́ lè mọ ohun tó yẹ kó kà kó tó rí wa, kó má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n n kò ní dá àwọn ọ́fíìsì sí. Mo ti dé ibi kan ní ìlú yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ẹni tó ń gba ìwé kọ̀ láti lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà mi. Ó ní kí n fi sílẹ̀, pé wọ́n á pè mí. Mo dúró síbẹ̀ títí ọ̀gá rẹ̀ fi dé. Bí ọ́fíìsì bá sọ pé ìwé nìkan ni òun ń gbà, tó sì kọ̀ láti jẹ́rìí pé òun gbà á, ó ti fi agbára mú aráàlú padà sí ọ̀nà ẹ̀yìn tó ní òun kórìíra. Burkina Faso ti ní òfin láti ọdún 2015, òfin 051-2015, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé àti ìròyìn tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí àjọ kọ̀ọ̀kan lo ẹ̀mí òfin yẹn: kí wọ́n lẹ àtòjọ ìwé tí wọ́n ń béèrè mọ́ ògiri, kí wọ́n sì sọ ẹ̀ka tó ń dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìdajì àwọn tó ń tò síwájú wọn kò ní nílò ìpàdé mọ́, torí pé ìwé ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ojú ẹnikẹ́ni.

Títí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa kò le. Ká kọ ohun tí a fẹ́ sí ìlà kókó. Ká béèrè ohun kan ṣoṣo tí ẹni náà lè dáhùn. Ká to àwọn ìwé wa lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà, ká sì fi orúkọ tó wà lára ọjà wé èyí tó wà nínú ìwé, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ká má sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà láìgba òǹtẹ̀. Ọkùnrin onísọ́ọ̀bù yẹn ti tún ra ọjà mìíràn láti ìgbà náà. Kó tó sanwó, ó kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á pé kí wọ́n fi èsì àyẹ̀wò àti fọ́tò àkọlé ránṣẹ́ sí òun ná.